Bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ fún àdúgbò: oúnjẹ tó há lọ́fun àti iná tó jóni

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi níbi ìpàdé àdúgbò, nítorí náà ohun méjì péré ni mo mú: oúnjẹ tó há lọ́fun, àti iná kékeré tí í jóni nínú ilé ìdáná. Ohun tí mo fi wọn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni pé kí ẹni tó gbọ́ ọ lè sọ ọ́ padà láì wo ìwé. Èyí tí ẹnu kò bá lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo pa á rẹ́.

Ìbéèrè ni mo fi ṣáájú, torí òun ló ń ya ẹni tó nílò ọwọ́ wa sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò nílò rẹ̀: «Ṣé nǹkan há yín lọ́fun? Ẹ sọ̀rọ̀!» Bó bá dáhùn, tàbí tó ń wúkọ́ tí ikọ́ náà ń dún, afẹ́fẹ́ ṣì ń kọjá. Ẹ má gbá a. Ẹ sọ fún un pé kó máa wúkọ́ kíkankíkan, kí ẹ sì dúró tì í. Ṣùgbọ́n bó bá kàn ń mi orí, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀fun mú, tó ń la ẹnu tí ohùn kò jáde, ọ̀nà èémí ti dí nìyẹn. Láìpẹ́, inú ètè àti èékánná rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di aláwọ̀ aró.

Mo fi gbólóhùn kan ya egungun ẹja sọ́tọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí egungun ẹja gún lọ́fun, tó ń mí, tó sì ń sọ̀rọ̀, ilé ìwòsàn ni kó lọ. Òkèlè ẹ̀bà ńlá tí a ní kó gbé mì lè ti egungun náà wọ inú ẹran ara lọ.

Fún ẹni tí èémí rẹ̀ ti dí, ohun tí mo ní kí wọ́n sọ tẹ̀lé mi nìyí: «Tẹ̀ ẹ́ síwájú. Gbá márùn-ún. Fa márùn-ún. Tún un ṣe.»

«Tẹ̀ ẹ́ síwájú» ni mo fi ṣáájú torí òun ni ọ̀pọ̀ máa ń fò. Wọ́n á ní kí onítọ̀hún wo òkè, wọ́n á máa gbá a ní àtàrí, wọ́n á sì gbé omi fún un. Omi kò ríbi gbà. Bí ó bá sì gbójú sókè, ohun tí a gbá lẹ́yìn kí ó lè kúrò níbi tó há lè tún já sísàlẹ̀. Dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fi ọwọ́ kan gbé àyà rẹ̀ ró, kí orí rẹ̀ tẹ̀ ba tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ fi kọjú sí ilẹ̀. Ìdí àtẹ́lẹwọ́, níbi tó ti pàdé ọrùn ọwọ́, ni kí o fi gbá àárín èjìká rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, pẹ̀lú agbára, kí o sì máa wo ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí nǹkan náà bá jáde ní ẹ̀ẹ̀kejì, kò sí ẹ̀ẹ̀kẹta.

Bí kò bá jáde, bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, gba á mọ́ra. Di ìkúùkù, kí ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò kan ikùn rẹ̀ lókè ìdodo, nísàlẹ̀ ibi tí egungun àyà parí sí. Fi ọwọ́ kejì bo ìkúùkù náà, kí o sì fà á sínú, sókè, lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi ìdánrawò, àwọn kan ń fi apá fún egungun ìhà pọ̀. Ìyẹn lè dá egungun, kò sì ní ti afẹ́fẹ́ jáde. Mo wá fi kún un pé: «Ìgbọ̀nwọ́ síta, ìkúùkù ló ń ṣiṣẹ́.» Ìrọ̀rí la fi ń dánra wò o. A kì í fa ikùn ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Aláboyún, àti ẹni tí apá rẹ kò ká ikùn rẹ̀, àárín egungun àyà ni kí o ti fà á. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, a kì í fa ikùn rẹ̀ rárá. Dojú rẹ̀ dé sórí apá rẹ, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àyà lọ, gbá a lẹ́yìn ní márùn-ún. Dá a padà, kí o tẹ àárín àyà rẹ̀ ní márùn-ún. Ẹ má gbé e ní ẹsẹ̀ sókè. Ẹ má sì ki ìka bọ ẹnu ẹnikẹ́ni láti wá ohun tí ojú kò rí, torí ìka á tún tì í wọlé.

Bó bá dákú, tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ní kí ẹnì kan pe 112, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ọgbọ̀n ìgbà, kí o wo ẹnu rẹ̀, kí o tún tẹ̀. Ẹni tí a bá fa ikùn rẹ̀, kódà bí ara rẹ̀ bá yá, dókítà gbọ́dọ̀ wò ó lọ́jọ́ náà, torí nǹkan inú ikùn lè ti ṣèṣe.

Ti iná, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fún wọn: «Bomi. Bọ́. Bò.»

Àpẹẹrẹ tí mo mú ni ògì gbígbóná tó dà sí ọmọ ọdún mẹ́rin lápá. Ògì máa ń lẹ̀ mọ́ ara, ó sì ń pa ooru mọ́ ju omi lásán lọ. Bí ìkòkò tí a sọ̀ kalẹ̀ ṣe ṣì máa ń hó, bẹ́ẹ̀ ni ooru ṣe ń jó ẹran ara lọ lábẹ́ awọ. Ìdí nìyẹn tí omi fi gbọ́dọ̀ máa ṣàn sí i fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Omi tútù lásán ni o. Yìnyín máa ń pa awọ lára. Níbi tí kò sí omi ẹ̀rọ, báàgì píọ̀ wọ́tà kan tó: ogún ọ̀rá ló wà nínú rẹ̀. Bí o bá gé igun ọ̀rá díẹ̀, tí omi sì ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọ̀rá kan á tó bí ìṣẹ́jú kan. Bí o ṣe ń ka ọ̀rá lò ń ka ìṣẹ́jú. Fi ìró bo ara ọmọ yòókù kí òtútù má baà mú un.

Bí omi ṣe ń ṣàn, bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àti aṣọ tó wà níbẹ̀ kí apá tó wú. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, tẹ́ náílọ́ọ̀nù tuntun tó mọ́ lé e. Má wé e pinpin. Ọṣẹ ìfọyín, àdín, ẹyin àti iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn án: wọ́n lè kó kòkòrò bá egbò, nọ́ọ̀sì á sì tún fọ̀ wọ́n kúrò tìroratìrora. Ìléròrò, ẹ má bẹ́ ẹ.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n sọ ọ́ padà, ọ̀pọ̀ ní «bomi títí yóò fi tutù». Ọwọ́ tó bá fara kan awọ lè rò pé ó ti tutù láàárín ìṣẹ́jú méjì. Mo yí i sí «bomi, ogún ìṣẹ́jú», gbogbo wọn sì gbé e. Ìbéèrè tó kù ni ìgbà tí a ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jóná fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n, tìka-tìka. Bó bá tóbi jù ú lọ, ilé ìwòsàn. Bó bá jẹ́ ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, oríkèé tàbí ojú ara, ilé ìwòsàn, bó ti wù kó kéré tó. Iná mànàmáná àti kẹ́míkà náà bẹ́ẹ̀. Èyí tó funfun tàbí tó dúdú bí èédú tí kò sì dunni, òun ló jinlẹ̀ jù. Ọmọ ológì wa yìí, bí apá rẹ̀ bá ti yọ ìléròrò, ẹ gbé e lọ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú omi yẹn, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀.