Ẹ má sáré pa káàdì yín bí aago bá sọnù: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú fífi aago ọwọ́ sanwó

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, àbúrò mi tó wá láti Manchester lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa ní Kubwa, ní Abuja, bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ láti ṣe àlùwàlá ní mọ́sálásí kan ní Wuse. Ó gbé e sórí ògiri kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu omi, ó fọwọ́ dé ìgúnpá, ó fọ ẹsẹ̀, ó sì wọlé lọ kírun. Nígbà tí a jáde, aago ti lọ. Aago Apple ni, káàdì báńkì rẹ̀ ti ìlú òyìnbó sì wà nínú rẹ̀. Òun ló fi ń sanwó: á tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́sì, ó parí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n pe báńkì kí wọ́n pa káàdì yẹn kíákíá." Ó ti ń tọwọ́ bọ àpò láti yọ fóònù. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó má tíì ṣí fóònù yẹn. Màá sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pípa káàdì ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù.

Nọ́ńbà tó wà lójú káàdì yín kò sí nínú aago. Nígbà tí ẹ bá fi káàdì sínú aago, nọ́ńbà mìíràn ni wọ́n ń ṣe fún un, nọ́ńbà àrọ́pò tó jẹ́ ti aago yẹn nìkan, wọ́n á sì tì í mọ́ inú ṣípù kan níbẹ̀. Ti fóònù yín tún yàtọ̀ sí ti aago, bó tilẹ̀ jẹ́ káàdì kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí káàdì tó ti wà lórí fóònù kò fi ní ṣiṣẹ́ lórí aago àfi tí ẹ bá tún fi í síbẹ̀ lọ́tọ̀. Torí náà, a lè dá ti aago dúró kí káàdì tó wà nínú pọ́ọ̀sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ká ní àbúrò mi pa káàdì náà, ilé rẹ̀ ní Manchester ni báńkì á fi tuntun ránṣẹ́ sí, òun á sì wà ní Kubwa pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì nílẹ̀ láìní ohun tó máa kì bọ ẹ̀rọ apọwó.

Ó yá, kí ló dé tí mo fi ní kó má ṣí fóònù? Aago Apple máa ń mọ̀ bóyá ó wà lára ènìyàn. Bí ẹ bá ti bọ́ ọ, á tì. Bí ẹ bá tún wọ̀ ọ́, á béèrè nọ́ńbà àṣírí kó tó lè sanwó. Ẹni tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ á máa tẹ nọ́ńbà yìí títí á fi sú u. Àbúrò mi wá ọ̀nà àbùjá méjì sí i. Èkíní, ó fi 1111 ṣe nọ́ńbà àṣírí. Ẹni tó bá dúró tì í lẹ́nu omi kò nílò ojú tó mú: ìka kan náà, ojú kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ìkejì ló fi ẹ̀rù bà mí jù. Ó tan ohun tí wọ́n ń pè ní Unlock with iPhone, tó jẹ́ pé bó bá ti ṣí fóònù rẹ̀, aago tó wà lọ́wọ́ á ṣí pẹ̀lú rẹ̀. Aago kò mọ ọwọ́ ta ni ó wà. Ọwọ́ ni ó mọ̀. Bí ẹni tó mú un bá ti wọ̀ ọ́, tó sì wà nínú ọgbà mọ́sálásí náà, tí bulutúùtù ṣì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nǹkan bíi mítà mẹ́wàá, bí àbúrò mi bá ṣí fóònù láti wá aago, òun fúnra rẹ̀ ló máa ṣí i fún olè.

Fóònù tèmi ni mo fún un. Ó wọ iCloud.com/find, ó fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà Apple rẹ̀ wọlé. Ojú ìwé yìí kì í béèrè kóòdù tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tí fóònù òun náà bá bá aago lọ. Ó yan aago náà, ó sì tẹ ibi tí a kọ Lost sí. Ìyẹn ló ń dá káàdì inú aago dúró, bí aago kò tilẹ̀ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì rárá.

Ó béèrè nọ́ńbà tí ẹni tó bá rí i máa pè. Àbúrò mi tẹ nọ́ńbà ìlú òyìnbó, síìmù tó ti yọ kúrò láti ọjọ́ tó ti dé. Mo ní kó pa á rẹ́, a kọ tèmi síbẹ̀, a sì kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú ní Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì, torí èdè tí wọ́n ń sọ ní agbègbè tí a wà nìyẹn.

Bàbá kan tó dúró tì wá gbà á nímọ̀ràn pé kó yọ aago náà kúrò lórí orúkọ rẹ̀ pátápátá. Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá tẹ Remove This Device, ẹ ti tú ìdè tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn lè lo aago náà gẹ́gẹ́ bíi tirẹ̀. Ẹni tó mú un lè tà á ní wẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà lórúkọ yín, kódà bí ẹ kò bá ní rí i mọ́.

Ẹni tó bá ń lo aago tó bá fóònù Android mu, Find Hub ti Google ni kó fi tì í, kó sì pe báńkì. Ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún wọn ni pé kí wọ́n yọ káàdì inú aago nìkan, kí wọ́n má fọwọ́ kan káàdì gidi.

Fún ẹni tí kò tíì ra aago, ọ̀rọ̀ NFC tó wà lára páálí, ìyẹn ọ̀nà tí aago fi ń bá ẹ̀rọ tó sún mọ́ ọn sọ̀rọ̀, kò túmọ̀ sí pé aago náà lè sanwó. Àwọn kan fi ń ṣílẹ̀kùn lásán ni. Ẹ kọ́kọ́ wò ó lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe aago náà bóyá báńkì tó fún yín ní káàdì wà lára àwọn tí wọ́n ń bá ṣe, torí ibi tí káàdì ti wá ló ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ẹ dúró sí. Ẹ má sì fọkàn tán òté tí báńkì àpapọ̀ ṣe ní 2023, pé 15,000 náírà lẹ́ẹ̀kan àti 50,000 lójúmọ́ ni ẹni tó ń fi káàdì kan ẹ̀rọ lè ná láìsí àfikún ìjẹ́rìí. 50,000 náírà kì í ṣe owó tí ènìyàn fẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ọgbà mọ́sálásí náà pè mí. Ọmọ kan ló mú aago náà wá fún un, ọ̀rọ̀ Hausa tó wà lójú rẹ̀ ló kà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi wọ áàpù Watch lórí fóònù, ó lọ sí Passcode, ó pa Simple Passcode, ó yan nọ́ńbà mẹ́fà tí kò bá ti ẹ̀rọ apọwó rẹ̀ mu, ó sì pa Unlock with iPhone. Lẹ́yìn náà ló tó tún fi káàdì sí i.