Bí mo ṣe yẹ ègé ẹ̀dọ̀fóró kan wò fún EGFR àti ALK, àti bí èsì rẹ̀ ṣe yan oògùn

Ilé àyẹ̀wò ti ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n kì í sì í sábà rí aláìsàn fúnra rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ìda tí wọ́n ri ègé ẹran ara rẹ̀ sínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé wá fún mi. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wá láti ara obìnrin kan tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún, tí kò mu sìgá rí, tí ikọ́ kò sì fi sílẹ̀ títí wọ́n fi ya fọ́tò àyà rẹ̀. Dókítà tó fi maikirosikóòpù wo ẹran náà ti kọ ọ́ pé adẹnokasinómà ni, ìyẹn irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ikun. Ó ti tàn dé egungun, nítorí náà oògùn ni ọ̀rọ̀ kù sí, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Ohun tí wọ́n ní kí n wá dáhùn ni pé: ṣé EGFR ló ń darí jẹjẹrẹ yìí ni, àbí ALK, àbí kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì? Àìmusìgá obìnrin náà jẹ́ kí n retí pé a lè rí ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn la fi ń pinnu ẹni tí a óò yẹ̀ wò. Gbogbo adẹnokasinómà ẹ̀dọ̀fóró tó bá ti tàn la ń yẹ̀ wò, ìbáà jẹ́ ti ẹni tó ń mu sìgá lójoojúmọ́.

Apilẹ̀ àbùdá ni EGFR àti ALK. EGFR ló ń ṣe purotéènì kan tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gba ìránṣẹ́ tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà, kó sì pín. Ní ọdún 2004 ni àwọn olùwádìí rí i pé nínú àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan, apá kékeré lára apilẹ̀ yìí ti yí padà, tí purotéènì náà fi dà bí agogo ẹnu ọ̀nà tó há, tó ń dún láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ksọ́nù ni a ń pe àwọn apá tí apilẹ̀ pín sí, ibi méjì sì ni àyípadà yìí ti wọ́pọ̀ jù: ẹ́ksọ́nù 19, níbi tí ègé kan ti máa ń já sọnù, àti ẹ́ksọ́nù 21, níbi tí lẹ́tà kan ṣoṣo ti yí padà tí a fi ń pè é ní L858R. Ti ALK yàtọ̀. Apilẹ̀ yìí kì í ṣiṣẹ́ rárá nínú ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà tó dá ṣáṣá, àmọ́ nínú àwọn jẹjẹrẹ kan, apá kan lára kromosómù 2 máa ń já, á yí sódì, á sì so ALK mọ́ apilẹ̀ mìíràn tó ń jẹ́ EML4. Àwọn olùwádìí ní Japan ló kéde èyí ní ọdún 2007. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí a tó bá EGFR àti ALK pọ̀ nínú jẹjẹrẹ kan náà.

Kí n tó fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù náà, mo wo ìwé tó bá a wá, mo sì rí i pé ẹran náà wà nínú fọ́málíìnì, omi tí a fi ń pa ẹran ara mọ́ kó má baà jẹrà, fún nǹkan bíi wákàtí 20, èyí tó dára, nítorí pé láàárín wákàtí 6 sí 48 la fẹ́ kó jẹ́. Mo tún wò ó bóyá inú egungun ni wọ́n ti gé e. Bí ó bá jẹ́ inú egungun ni, tí wọ́n sì fi ásíìdì rọ̀ ọ́, DNA inú rẹ̀ á ti já wẹ́wẹ́, a ó sì ní kí wọ́n wá ẹran mìíràn. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ti mú èyí.

Ẹran náà kéré: ègé mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n sì ti lo díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́. Gbogbo ìgbà tí a bá dá búlọ́ọ̀kù padà sórí ẹ̀rọ ìgé la máa ń sọ nǹkan nù, torí pé a ní láti fá ojú rẹ̀ títí tí yóò fi tẹ́jú. Nítorí ìdí èyí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gé gbogbo ohun tí mo nílò: ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan fún àwọ̀ tí a máa kọ́kọ́ wò, mẹ́ta fún ALK pẹ̀lú ìpele tí a máa fi gbè é lẹ́sẹ̀, mẹ́fà fún DNA, àti ìkan sí i ní ìparí láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ṣì wà nínú ẹran títí dé ìsàlẹ̀.

Ìpele àkọ́kọ́ yìí ni gbogbo iṣẹ́ tó kù dúró lé. Bí a bá ka gbogbo sẹ́ẹ̀lì orí gíláàsì náà, nǹkan bíi 10 péré nínú 100 ló jẹ́ ti jẹjẹrẹ. Ìyókù jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, awọ ọ̀nà èémí àti àpá. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjì EGFR, ọ̀kan nínú méjèèjì ló sì sábà máa ń yí padà, nítorí náà bí mo bá kó gbogbo ẹran náà sínú túùbù, ẹ̀dà 5 péré nínú 100 ni yóò ní àyípadà, kódà bó bá wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rọ wa lè rí 5, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ ibi tí ojú rẹ̀ mọ. Dókítà tó ń wo maikirosikóòpù wá fi kálàmù ìkọ̀wé sàmì yí ibì kan ká níbi tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ti pọ̀, tó tó 50 nínú 100. Mo gbé àwọn ìpele tí kò ní àwọ̀ lé orí àmì yẹn, mo sì fi abẹ ha ibẹ̀ nìkan sínú túùbù. Bí àyípadà bá wà, ẹ̀dà 25 nínú 100 la ó rí báyìí. Èsì tó ní «a kò rí i» kò ní láárí títí èèyàn yóò fi mọ iye sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó wọ túùbù.

Ẹ̀rọ PCR máa ń sọ DNA di ìlọ́po méjì ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ ìyípo tí iná àwọ̀ kọ́kọ́ hàn. Ìdárí inú túùbù, tó ń fi hàn pé DNA wà tó sì lè ṣiṣẹ́, hàn ní ìyípo 26. Ẹ́ksọ́nù 19 kò hàn, L858R kò hàn. Ṣùgbọ́n T790M, àyípadà kan ní ẹ́ksọ́nù 20, yọ ní ìyípo 38. Ẹni tó bá wo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ nìkan lè kọ ọ́ pé a rí i. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí ẹ̀dà 25 nínú 100 bá ní àyípadà, ìdá kan nínú mẹ́rin ìdárí ni yóò jẹ́, ìyípo méjì péré ni ó sì yẹ kó fi gbẹ́yìn. Ìyípo 12 ni èyí fi gbẹ́yìn, èyí tó túmọ̀ sí nǹkan bí ẹ̀dà kan nínú 4,000. Yàtọ̀ sí ìyẹn, T790M sábà máa ń wá lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti lo oògùn EGFR àtijọ́, ó sì máa ń bá àyípadà mìíràn rìn. Obìnrin yìí kò tíì lo oògùn kankan. Fọ́málíìnì ni mo fura sí, nítorí ó máa ń ba lẹ́tà C inú DNA jẹ́ tí ẹ̀rọ á fi kà á sí T, C tó di T gan-an ló sì ń mú T790M wá. Mo da ẹ́ńsáìmù tó ń gé lẹ́tà bíbàjẹ́ náà kúrò sí DNA tó ṣẹ́kù, mo tún un ṣe, T790M kò sì hàn mọ́. Mo kọ ọ́ pé kò sí àyípadà EGFR nínú àwọn tí àyẹ̀wò yìí ń wá.

Kí ALK tó jáde, dókítà jẹjẹrẹ pè mí. Èsì PD-L1, purotéènì kan tí jẹjẹrẹ fi ń sá fún agbára ìdáàbòbò ara, ti ga, ó sì ń ronú láti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń ta agbára ìdáàbòbò ara jí, nítorí èémí aláìsàn náà ń há. Mo ní, «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí di ọ̀la.» PD-L1 lè ga nínú jẹjẹrẹ ALK, síbẹ̀ irú oògùn yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ó tún máa ń pẹ́ nínú ara, oògùn tí a bá sì fi tẹ̀ lé e lè wá pàdé rẹ̀ níbẹ̀ kó dá wàhálà sílẹ̀. Ní ti àwọn tó ní àyípadà EGFR, osimẹtiníìbù, oògùn EGFR, tó bá tẹ̀ lé e lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró wú lọ́nà tó léwu. Ó gbà láti dúró.

Áńtíbọ́dì tí a ń pè ní D5F3 la fi ń wá purotéènì ALK. Mo fi ègé apẹ́ńdíìsì sórí gíláàsì kan náà, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára inú ògiri rẹ̀ ní ALK. Bí wọn kò bá gba àwọ̀, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n gbà á. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ obìnrin náà pẹ̀lú gbà á, àwọ̀ ilẹ̀ tó rí wóro-wóro, tó sì dúdú, kún inú wọn, awọ ọ̀nà èémí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì funfun kalẹ̀. Ikun máa ń gba àwọ̀ lásán, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìdọ̀tí mì nínú ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà mo fi ìpele tí a kò da D5F3 sí wé e: kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀. Ká ní àwọ̀ náà rẹ̀ tàbí ó ṣe ségesège, a óò lo àyẹ̀wò FISH, tó ń fi àwọ̀ méjì sàmì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ALK láti mọ̀ bóyá wọ́n ti pínyà. Ti èyí hàn gbangba, a kò nílò rẹ̀.

Alẹtiníìbù, oògùn tó ń dí ALK lọ́wọ́, ni èsì yìí yàn: 600 miligíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, èyí tó jẹ́ kápúsù mẹ́rin mẹ́rin. Nínú àbájáde ìwádìí ALEX tí wọ́n tún tẹ̀ jáde lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ní ọdún 2017, ìdajì àwọn tó lò ó ló pé oṣù 34.8 kí àrùn náà tó tún gbèrú, nígbà tí ti krisotiníìbù, oògùn tó ṣáájú rẹ̀, jẹ́ oṣù 10.9. Ohun tó mú èmi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ń wọ ọpọlọ, nítorí ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ALK fẹ́ràn láti sá sí.

Ká ní ẹ́ksọ́nù 19 tàbí L858R ló hàn ni, osimẹtiníìbù 80 miligíráàmù lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni à bá máa sọ. Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ló dé tí a kò kàn lè fún aláìsàn ní oògùn EGFR kí a sì wo bí yóò ṣe rí. Wọ́n ti wò ó. Nínú ìwádìí IPASS ti ọdún 2009, jẹjẹrẹ súnkì lára nǹkan bí 71 nínú 100 àwọn tó ní àyípadà EGFR tó lo gẹfitiníìbù, oògùn EGFR àtijọ́ kan. Lára àwọn tí kò ní in, nǹkan bí ẹnì kan péré nínú 100 ni, kẹmó ì bá sì ṣe wọ́n láǹfààní jù.

Mo kọ ọ́ sínú èsì pé ibi tí a ha jẹ́ 50 nínú 100 ní ti sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, pé a kò rí àyípadà EGFR, pé ALK wà. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo fi kún un pé bí àrùn náà bá tún gbèrú lẹ́yìn alẹtiníìbù, kí wọ́n má ṣe gbára lé búlọ́ọ̀kù yìí, ẹran tuntun tàbí ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ìdí ni pé ALK fúnra rẹ̀ lè ti gba àyípadà mìíràn, bíi G1202R, tí alẹtiníìbù kò lè ká mọ́. Lọlatiníìbù, oògùn ALK mìíràn, ṣì lè mú un. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ní kò sí nǹkan, kí wọ́n ṣì wá ẹran, nítorí kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ló ń da DNA rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ tó iye tí ẹ̀rọ lè rí.