Bí mo ṣe kun nọ́ńbà tó ga jù nínú ìlà kọ̀ọ̀kan

Ṣíìtì yìí fẹ́ẹ̀ pa mí lánàá o. Oṣù méjìlá wà láti B dé M, mo kàn fẹ́ kí Excel kun oṣù tó ga jù nínú ìlà kọ̀ọ̀kan ni. Mo kọ́kọ́ lo Top 10 Items nínú Conditional Formatting, mo sọ 10 di 1, ẹyọ kan ṣoṣo ló kùn nínú gbogbo tébù, torí ó ka gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni.

Ni mo bá lọ sí New Rule, mo fi fọ́múlà ṣe é, mo kọ `=B2=MAX($B$2:$M$2)`. Ìlà 2 dáa, àmọ́ nísàlẹ̀ kò kun nǹkan kan, àfi níbi tí nọ́ńbà bá ti ṣèèṣì bá ti ìlà 2 mu. Dọ́là iwájú 2 yẹn ló so ó mọ́bẹ̀! Mo yọ ọ́, mo fi ti iwájú lẹ́tà sílẹ̀, ló bá ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn ìlà òfìfo tún wá kùn látòkè délẹ̀, torí MAX wọn jẹ́ 0, Excel sì ń ka òfìfo sí 0. Èyí tó parí ẹ̀ rèé, láti B2 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sẹlẹ́ẹ̀tì o:

```
=AND(B2<>"",B2=MAX($B2:$M2))
```

Tí oṣù méjì bá dọ́gba, méjèèjì ló máa kùn, ìyẹn ò dà mí láàmú.