Ìdí tí pH bọ́fà fósíféètì fi ń yí padà bí a bá bomi là á

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo po PBS, bọ́fà fósíféètì oníyọ̀, ní kíki ìlọ́po mẹ́wàá, mo sì fi omi sódíọ̀mù háídírọ́síìdì gbé e dé pH 7.4. Nígbà tí mo bomi là á lọ́nà mẹ́wàá, mítà ń ka nǹkan bíi 8. Mo tún mítà ṣe, mo pààrọ̀ omi, kò yàtọ̀. Ṣé omi lásán lè yí bọ́fà padà tó báyìí?

Ìdáhùn: Ó lè yí i, àbúrò. Mítà rẹ kò ṣẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ wa ló kù díẹ̀ káàtó:

```
pH = 7.20 + log([HPO4]/[H2PO4])
```

Nínú PBS tó ti là, mílímólù 10 ni HPO4 ní lítà kan, H2PO4 sì jẹ́ 1.8. Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ 7.94. Nínú èyí tó ki, 100 àti 18 ni. Ìpín wọn kò yí padà, nítorí náà 7.94 kan náà ni yóò tún sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹlẹ́kítíróòdù sínú omi kíki tí a kò fi ọwọ́ kàn, nǹkan bíi 6.8 la máa ń rí, tí a bá sì là á, ó máa ń sún mọ́ 7.4.

HPO4 gbé iná òdì méjì, kì í sì í dá rìn nínú omi iyọ̀. Àwọn sódíọ̀mù tí iná tiwọn yàtọ̀ sí tirẹ̀ rọ̀gbà yí i ká, ara sì rọ̀ ọ́ níbẹ̀. Bí iyọ̀ ṣe ń pọ̀ ni ó ń rọrùn fún H2PO4 láti jọ̀wọ́ H rẹ̀ kí ó di HPO4, ni pH bá ń wálẹ̀. Bí o bá da omi sí i, àwọn tó yí i ká á tú ká, HPO4 á gba H padà, pH á gòkè. Ìwọ ti gbé omi kíki náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ. Nígbà tí o là á, ó tún gun òkè sí i.

Ìbéèrè: Ṣé a lè ṣírò rẹ̀ kí a tó po ó?

Ìdáhùn: A lè ṣe é fún omi tó ti là. Kọ́kọ́ wá agbára áyọ́ọ̀nù, I, tí Lewis àti Randall gbé jáde ní 1921: mú iye áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, fi iná rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí o pín in sí méjì. Nítorí ìlọ́po yìí, HPO4 mílímólù 10 pẹ̀lú sódíọ̀mù rẹ̀ ka 30, nígbà tí iyọ̀ ọbẹ̀ mílímólù 10 ka 10 péré. Fún PBS, I jẹ́ 0.17. Lẹ́yìn náà lo ìlànà Davies, níbi tí z ti jẹ́ iye iná áyọ́ọ̀nù, tí γ sì jẹ́ ìwọ̀n bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí:

```
log γ = -0.509 z² [√I/(1+√I) - 0.3 I]
```

γ fún H2PO4 jẹ́ 0.75, fún HPO4 ó jẹ́ 0.32. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú 10 tó wà níbẹ̀, bíi 3.2 péré ló ń ṣe iṣẹ́ HPO4, nínú 1.8, bíi 1.36. Fi àwọn wọ̀nyí sí ipò iye ti àkọ́kọ́, pH á di 7.58. Ó ṣì ga díẹ̀, torí pé sódíọ̀mù kan tilẹ̀ ń so mọ́ HPO4 gan-an, Davies kò sì ka ìyẹn.

Ìbéèrè: Mo fi ìlànà yẹn ṣe omi kíki, I jẹ́ 1.7, ó fún mi ní 7.86. Mítà ní 6.8. Ibo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: O kò ṣì í, ìlànà náà ni kò dé ibẹ̀. Bí I bá ti kọjá 0.5, má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. Apá rẹ̀ tó ní 0.3 I kàn ń pọ̀ sí i ni, títí yóò fi gbé γ sókè ju bó ti yẹ lọ. Lóòótọ́, γ a máa gòkè padà nínú omi tó ki gan-an: ti iyọ̀ ọbẹ̀ jẹ́ 0.78 nígbà tí mólù 0.1 bá wà nínú kílò omi kan, 0.66 ní mólù 1, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di 1 ní mólù 6, torí pé áyọ́ọ̀nù ti gba púpọ̀ nínú omi náà mọ́ra. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí tirẹ̀ ti ń yí padà, Davies kò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìlànà Pitzer, ti 1973, ló ń lo òǹkà tí wọ́n wọ̀n fún iyọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Fún ìwọ, má ṣe yí pH omi kíki mọ́. Bu díẹ̀ nínú rẹ̀, là á, wọ̀n ọ́n, kí o sì fi háídírókílóríìkì ásíìdì ṣàtúnṣe rẹ̀ níbẹ̀. Kọ ọ́ sára ìgò omi kíki pé lẹ́yìn lílà ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n.