Owó oúnjẹ ìkómọ wa: bí àwo 100 ṣe di 140

Nínú gbogbo ètò ìkómọ ọmọ wa nílùú Ìbàdàn, owó oúnjẹ ló bí mi nínú jù. A ti bá alásè fẹnu kò: ₦4,500 ni àwo kan, irẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, móínmóín, ẹran màlúù, omi àti mínírà. Èèyàn 100, ₦450,000. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n bí ọmọ ni ìyá ìyàwó mi pè pé ẹgbẹ́ àwọn ń bọ̀, èèyàn 40. Kò sẹ́ni tí í sọ fún àna rẹ̀ pé kí wọ́n má mú ẹgbẹ́ wọn wá. Mo pe alásè, wọ́n sì fi iye tuntun ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù: ₦650,000.

Mo ṣírò ó, mo tún un ṣírò. Bí àwo 140 bá jẹ́ ₦4,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦630,000 ni yóò jẹ́. Wọ́n ti sọ àwo 40 tó lé di ₦5,000. Ẹ jọ̀ọ́, ní Bódìjà, ta ni wọ́n ń dín owó fún, ẹni tó ra kóńgò irẹsì kan ni, àbí ẹni tó gbé àpò?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há nìyí. Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tó wà nínú ₦4,500 fún mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí gbogbo alásè ṣe ń ṣe é nìyẹn." Mo tún béèrè, wọ́n ní ọjà ti gbówó lórí. Mo ní ọjà wo? Wọn ò dá mi lóhùn. Nígbà tó yá, wọn ò gbé fóònù mọ́. Wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ kẹjọ kò ṣeé sún síwájú, a sì ti san ₦300,000 sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gba ọpọlọ mi ju ìsọmọlórúkọ fúnra rẹ̀ lọ. Oyin, iyọ̀, obì àti ataare kò fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà.

Mo lọ bá wọn nílé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn bó ti yẹ, mo jókòó, mi ò sì dìde títí wọ́n fi ṣí ìwé wọn. Bó ṣe rí nìyí: èròjà oúnjẹ àwo kan jẹ́ ₦3,000, ìyẹn ₦300,000 fún èèyàn 100. Ọkọ̀, gáàsì, àwọn agbáwo, kúlà àti àwo yíyá jẹ́ ₦90,000. Èrè wọn jẹ́ ₦60,000, ₦600 lórí àwo kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ₦90,000 yẹn. Ọkọ̀ kan náà ló ń gbé kúlà lọ, ì báà jẹ́ èèyàn 100 tàbí 140. Wọ́n ti gba owó rẹ̀ lára àwo 100 àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá tún gba ₦4,500 lórí àwo kọ̀ọ̀kan tó lé, a ń san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí á tó wá sọ ₦5,000!

Wọ́n dá mi lóhùn kan tó mọ́gbọ́n dání, mo sì gbà fún wọn. Ìdajì àpò irẹsì ni wọ́n ti ṣètò fún èèyàn 100, ìyẹn kílò 25, ìkòkò wọn ńlá ni yóò sì gbà á. Kílò 10 tó lé kò ní wọ inú rẹ̀. Wọ́n ní láti gbé ìkòkò kejì kaná, ₦6,000 fún gáàsì, kí wọ́n sì mú agbáwo kan sí i, ₦10,000. Iye àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í pọ̀ sí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń dúró sójú kan, lẹ́yìn náà ló máa fò sókè.

Mo gba bírò. Èròjà àwo 40, ₦120,000. Ìkòkò àti agbáwo, ₦16,000. Èrè wọn, ₦24,000. Àpapọ̀ ₦160,000, ìyẹn ₦4,000 lórí àwo kan. Gbogbo rẹ̀ di ₦610,000. Mo gba ₦40,000 padà lẹ́nu ìwé, inú mi sì dùn gan-an.

Bí mo bá tún fẹ́ gba alásè, ìbéèrè méjì ni n ó kọ́kọ́ bi wọ́n kí n tó san kọ́bọ̀: èló ni àwo tó bá lé, àti pé títí di ọjọ́ wo ni mo lè fi kún iye àwo. N ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkómọ, mo fi àbúrò mi obìnrin sídìí kúlà láti máa ka àwo tó ń jáde. Àwo 131 ló jáde. Alásè fẹ́ gbé ìyókù lọ, mo ní rárá o, owó àwo 140 la san. Wọ́n bu àwo mẹ́sàn-án tó kù sínú kúlà wa, ìgbà náà ni mo tó san ₦310,000 tó ṣẹ́kù fún wọn.