Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ilé tí A Kò Tíì Parí àti Ilé tó Ṣófo ní Àgbègbè Àbújá

A kọ ìwé ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn tí iṣẹ́ ilé wọn dúró, tàbí tí ayálégbé kó kúrò ní ilé wọn, ní Kubwa, Lugbe, Kuje, Bwari àti àyíká wọn, pàápàá àwọn onílé tí wọ́n ń gbé ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Àṣìṣe kan ni a ń rí lemọ́lemọ́, òun sì ni a fẹ́ kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀: onílé á gba mégádì, á ra àgádágodo ńlá, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún ẹnì kankan ládùúgbò ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ nínú ilé náà àti ọjọ́ tí yóò wá.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Kubwa nígbà òjò. Mégádì ibẹ̀ ti lọ dáko ní ìlú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti máa ń ṣe bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, ọkùnrin mẹ́ta gbé àkàbà wá, wọ́n dé akoto òṣìṣẹ́, wọ́n tilẹ̀ tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá tí ilé rẹ̀ dojú kọ géètì. Ìyá náà ń gbọ́ ìró òòlù títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì rò pé onílé ti rówó, pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ padà. Wọ́n yọ gbogbo fèrèsé alumíníọ́mù, wọ́n sì fa wáyà bàbà inú ògiri tán pátápátá. Wọn kò já ohunkóhun kí wọ́n tó wọlé, nítorí àgádágodo tí àwọn bíríkìlà lò nígbà iṣẹ́ ni ó ṣì wà lẹ́nu géètì.

Nítorí náà, ẹ yan ilé méjì ládùúgbò, ọ̀kan tó rí géètì yín, èkejì tó rí ẹ̀yìn ilé. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ kí wọn, ẹ má rán ọmọ. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù méjì, kí ẹ sì bá wọn ṣe àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹrù kankan kò sì gbọdọ̀ jáde, àfi bí ẹ̀yin fúnra yín bá ti pè wọ́n ní ọjọ́ tó ṣáájú, tí ẹ sì dárúkọ òṣìṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá gbọ́ òòlù láìgbọ́ ìpè yín, kí wọ́n pè yín lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó dúró níta sílẹ̀. Kí wọ́n má dá wọ inú ilé náà lọ. Kí wọ́n pe fijilanté tàbí 112. Ẹ mú mégádì yín lọ sọ́dọ̀ Máì Úńgúwà, ìyẹn olórí àdúgbò, pẹ̀lú, kí wọ́n lè dá a mọ̀.

Ní ti kọ́kọ́rọ́, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ tàbí ayálégbé bá kó jáde ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kí irin ọrùn àgádágodo nípọn tó mílímítà mẹ́wàá ó kéré tán. Irin tí àgádágodo ń kọ́ ni olè sábà máa ń já, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó o mọ́ géètì, kí ẹ má fi ìṣó kéékèèké kàn án. Lákòókò ọyẹ́, ẹ má rọ òróró sínú rẹ̀, nítorí eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù lílọ̀ ló dára jù.

Ẹ san owó mégádì kí oṣù tó parí. Ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè oṣù mẹ́ta kò ní ṣọ́ ilé fún yín, ó sì yẹ kí onílé tijú irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún ni kí ẹ ti bi í ní ọjọ́ tí yóò lọ sóko, kí ó sì mú ẹni tí yóò dúró dè é wá pẹ̀lú onídùúró méjì. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí ó fi àwòrán mẹ́fà ránṣẹ́ lórí Wàsáàpù: géètì, igun ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti inú pálọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, kí ó máa gé koríko ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ní mítà mẹ́ta yí ilé ká.

Ẹ má fi fèrèsé tàbí wáyà sí ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé láàárín oṣù kan. Okùn lásán ni kí ẹ kì sínú páìpù ògiri, òun ni oníná yóò fi fa wáyà nígbà tó bá yá. Ẹ to búlọ́ọ̀kù dí ojú fèrèsé, kí ẹ fi ẹrẹ̀ mọ ọ́n dípò sìmẹ́ǹtì, kí ó lè rọrùn láti tú nígbà tí àwọn onífèrèsé bá dé.