Ṣíífìtì méjì ti kọjá wákàtí ogún: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwa tó ń ṣiṣẹ́ lórí físà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìlú Ọba

Nígbà tí mò ń ka Másítà ní Ìlú Ọba, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ṣiṣẹ́. Wákàtí méjìlá ni ṣíífìtì kan níbẹ̀: aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́, tàbí kí èèyàn wọlé ní mẹ́jọ alẹ́ kó sì jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìwé ìṣètò iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi, ṣíífìtì méjì méjì ló wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn, mo ti ń ṣírò owó ilé lórí. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ níbi iṣẹ́ náà gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó ní, “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n dá ẹ padà sílé ni? Méjìlá lọ́nà méjì, eélòó ni?” Mẹ́rìnlélógún ni. Ogún sì ni físà mi gbà mí láyè.

Físà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Ẹni tó ń ka ìwé oyè ní yunifásítì, láti oyè àkọ́kọ́ lọ sókè, lè ṣiṣẹ́ ogún wákàtí lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò tó oyè, mẹ́wàá ni tirẹ̀. Ẹni tó ń kàwé ní ìdajì àkókò ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ rárá. Ohun tó bá wà lórí físà yín gan-an ni kí ẹ kà. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé ohun tí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá sọ fún yín.

Àṣìṣe tí mo rí jù ni ti àwọn tó ń fi ọ̀sẹ̀ kan dí ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n á ní, “Mo ṣe mẹ́rìndínlógún lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́rin kù fún mi, ẹ jẹ́ kí n ṣe mẹ́rìnlélógún lọ́sẹ̀ yìí.” Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Hóòmù Ọ́fíìsì, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó físà, kì í dá wákàtí pọ̀ kó wá pín in. Ọjọ́ Ajé ni ọ̀sẹ̀ tiwọn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Àìkú ló parí, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì dá dúró. Èyí tí ẹ ò lò ti lọ nìyẹn.

Ibi tó ti ń mú èèyàn jù ni iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀. Ẹ ṣe ṣíífìtì alẹ́ kan ní Ọjọ́rú, méjìlá. Alẹ́ Àìkú ẹ tún wọlé ní aago mẹ́jọ. Láti aago mẹ́jọ sí ọ̀gànjọ́ jẹ́ wákàtí mẹ́rin, ó bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ tó ń parí lọ, àpapọ̀ rẹ̀ di mẹ́rìndínlógún. Láti ọ̀gànjọ́ sí aago mẹ́jọ àárọ̀ Ajé jẹ́ mẹ́jọ, ìyẹn ti di ti ọ̀sẹ̀ tuntun. Títí ibẹ̀, kò sí wàhálà. Lọ́sẹ̀ tuntun náà ẹ tún ṣe ṣíífìtì Ọjọ́rú yín bí ẹ ṣe máa ń ṣe é: mẹ́jọ pẹ̀lú méjìlá, ogún ti pé gééré. Alẹ́ Àìkú tún dé, orúkọ yín tún wà lórí ìwé. Bí ẹ bá wọ aṣọ iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ yẹn, wákàtí mẹ́rin tí yóò tẹ̀ lé e ni yóò kọjá òfin. Ẹ wo iye ṣíífìtì tí ẹ ti ṣe: kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ wọlé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ó sì dà bíi pé ẹ ò ṣe nǹkan kan tó burú. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún èèyàn pé wákàtí ni kí ẹ kà, ẹ má ka ṣíífìtì.

Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ méjì. Wọ́n ń ṣe méjìlá nílé ìtọ́jú, wọ́n tún ń ṣe mẹ́wàá nínú yunifásítì, bóyá wọ́n ń mú àwọn ọmọ tuntun káàkiri ọgbà tàbí wọ́n ń jókòó ti ìdánwò. Ọ̀gá kọ̀ọ̀kan mọ tirẹ̀ nìkan, kò sì sí èyí tó rí i pé ogún ti kọjá. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n ń rò pọ̀, tó fi mọ́ èyí tí ẹ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan kí wọ́n lè rí ọwọ́ yín. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ òṣìṣẹ́ kan náà ló wà lórí ìwé owó méjèèjì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì san owó ni ọ̀gá ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí HMRC, ilé-iṣẹ́ owó orí. Kò gba ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ láti wá yẹ̀ ẹ́ wò. Láti oṣù kẹrin 2026, owó wákàtí kan tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 ni £12.71. Ogún wákàtí jẹ́ £254.20, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ £1,016.80. Bí ìwé owó yín méjèèjì bá jẹ́ £1,500 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí owó wákàtí yín sì jẹ́ £12.71, ẹni tó bá pín in yóò rí wákàtí bíi 118, ìyẹn sì lé ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lọ́sẹ̀.

Àwọn kan wá ní ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n máa gba owó lọ́wọ́, láìsí ìwé. Mo bá wọn wí gidi. Owó ọwọ́ yẹn kì í sábà tó iye tí òfin ní kí wọ́n san. Bí ọ̀gá bá sì jẹ ẹ́ mọ́ yín lára, ta lẹ máa fẹjọ́ sùn? Iṣẹ́ tí físà ò gbà láyè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níwájú òfin, wọ́n sì lè gba owó tí ẹ rí níbẹ̀. Ọ̀gá náà ò ní lọ bẹ́ẹ̀: láti oṣù kejì 2024, owó ìtanràn tí wọ́n ń bù lé e lórí lè tó £45,000 lórí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, ìyẹn nígbà àkọ́kọ́.

Ó ku iṣẹ́ ara ẹni, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí, nítorí àwa Yorùbá, ọwọ́ wa kì í dilẹ̀. Àbúrò kan tí mo mọ̀ ń di irun nínú yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹni mẹ́ta mẹ́rin. Kò ṣiṣẹ́ míì. Ó ní, “Ṣebí wákàtí mẹ́fà péré ni, ogún ni wọ́n fún mi.” Ohun tí kò mọ̀ ni pé ogún wákàtí yẹn wà fún iṣẹ́ tí ẹnì kan gbà yín sí. Iṣẹ́ tí ẹ dá sílẹ̀ fúnra yín, kódà wákàtí kan, físà náà ò gbà á. Irun dídì, àkàrà àti mọ́ínmọ́ín tí ẹ ń tà fún ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí, fọ́tò ìgbéyàwó, owó ìpolówó lórí fídíò yín, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Gbígbé oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́ náà wà níbẹ̀, nítorí pé bí oníṣẹ́ ara wọn ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yẹn ṣe ń ka àwọn tó ń gbé e. Ẹni tó yá àkáǹtì ẹlòmíì láti fi gbé e ti fi irọ́ kún un.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni ti éjẹ́ńsì. Wọ́n á fún yín níṣẹ́ ìtọ́jú gidi, ṣùgbọ́n wọ́n á ní kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC pé ẹ jẹ́ oníṣẹ́ ara ẹni, kí ẹ máa kọ iye tí wọ́n jẹ yín sínú ìwé ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù. Pé HMRC gba orúkọ yín ò túmọ̀ sí pé Hóòmù Ọ́fíìsì gbà yín láyè. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò le mọ̀: bí ọ̀gá bá ń fún yín ní ìwé owó tó fi iye wákàtí hàn, tó ń bójú tó owó orí yín fúnra rẹ̀, tó sì ń fún yín ní ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n sanwó lé, òṣìṣẹ́ ni yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń kọ iye tí wọ́n jẹ yín tí ẹ sì ń fi ránṣẹ́, ẹ dìde níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ nílé ńkọ́? Bí ẹ bá nílé n'Íbàdàn tí ayálégbé ń san owó, kò kan físà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń ra ọjà, tí ẹ ń dá oníbàárà lóhùn, tí ẹ ń pàṣẹ fọ́mọ iṣẹ́ lórí fóònù láti yàrá yín ní Léstà, òwò lẹ ń ṣe ní Ìlú Ọba. Ẹ fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Bí ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó bá ṣì ń san owó oṣù fún yín, tí ẹ ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ibi tí ẹ wà, ẹ ka wákàtí rẹ̀ mọ́ ogún yín.

Ti àwa oní-Másítà tún yàtọ̀. Tí oṣù kẹfà bá dé, àwọn ọmọ oyè àkọ́kọ́ á gba ìsinmi, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Àwa náà ò ní kíláàsì mọ́, la bá rò pé ìsinmi dé. Àkókò ìwé ìwádìí nìyẹn, ẹ̀kọ́ ṣì ni lójú òfin, ogún náà ló ṣì jẹ́. Kérésìmesì àti Àjíǹde ni ìsinmi tiwa sábà máa ń bọ́ sí. Kí ẹ tó gba iṣẹ́ ní kíkún, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ yunifásítì tó sọ ọjọ́ ìsinmi ẹ̀kọ́ yín gan-an, nítorí pé ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á bèèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, físà Gírájúéètì wà, òun ló gba òwò láyè. Ọdún méjì ni fún oní-Másítà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bèèrè fún un láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2027, oṣù méjìdínlógún ni wọ́n á fún un. Àbúrò oníírun yẹn ti ń ka ọjọ́. Ó ní tó bá ti wọ òun lọ́wọ́, òun á gba àga nínú ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ní tèmi, ìwé kékeré kan ni mo lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, mo sì ń kọ wákàtí sí i bí mo bá ṣe ń ti ibi iṣẹ́ dé. Ọjọ́ Àìkú kan, bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá pè mí pé ẹnì kan ti ṣàìsàn, ó bẹ̀ mí kí n wá di alẹ́ náà mú. Mo wo ara fíríìjì. Ogún ti pé. Mo ní kó jẹ́ kí n wọlé ní aago méjìlá òru, ìyẹn ti di Ajé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló máa wà pẹ̀lú àwọn màmá títí di ìgbà yẹn. Ó ní òun á wá ẹlòmíì.